Fíríìjì àti bí ó ṣe ń kó ooru jáde

Fíríìjì, tí a tún ń pè ní ẹ̀rọ amúǹkantutù, jẹ́ ẹ̀rọ tí ó ń mú kí inú àpótí kan tí a sé pa tutù ju àyíká rẹ̀ lọ, kí oúnjẹ tí a fi pamọ́ síbẹ̀ má baà tètè bàjẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé fíríìjì ń ṣe òtútù, ó sì ń fẹ́ ẹ sí ara oúnjẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ooru ni ẹ̀rọ náà ń kó láti inú lọ sí ìta. Ipò tí oúnjẹ wà nígbà tí ooru bá ti kúrò lára rẹ̀ ni a ń pè ní òtútù. Ẹ̀rí èyí kò jìnnà: bí a bá fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn fíríìjì tí ó ń ṣiṣẹ́, a ó rí i pé ó gbóná. Ara ooru ibẹ̀ ni èyí tí ó wà nínú ọbẹ̀, ẹja àti omi kí a tó gbé wọn wọlé.

Àyọkà yìí ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. A mú àpẹẹrẹ rẹ̀ láti agbègbè Ìkẹjà àti Agége ní Ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá àti ilé oníyàrá púpọ̀ ti wà nítòsí ara wọn, tí ooru àyíká àti iná mànàmáná tí kì í dúró sójú kan sì máa ń ni fíríìjì lára.

Ọgbọ́n inú àmù

Kí fíríìjì tó dé, àmù ni àwọn Yorùbá fi ń mú omi tutù. Àmù jẹ́ ìkòkò amọ̀ ńlá tí ara rẹ̀ ní ihò wíwẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Omi díẹ̀ máa ń gba inú amọ̀ náà yọ sí ara ìkòkò lóde, afẹ́fẹ́ a sì gbẹ ẹ́. Kí omi tó lè gbẹ, ìyẹn kí ó tó kúrò ní olómi kí ó sì di oru, ó gbọ́dọ̀ gba ooru láti ibì kan. Ara ìkòkò àti omi inú rẹ̀ ni ó ti ń gba ooru náà, ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù láìsí yìnyín níbẹ̀. Bákan náà ni ó rí bí nọ́ọ̀sì bá fi sípírítì nu apá ènìyàn kí ó tó fún un ní abẹ́rẹ́. Ojú ibẹ̀ a tutù, nítorí pé sípírítì ń gba ooru ara lọ bí ó ti ń gbẹ.

Àmù ní ààlà tirẹ̀. Ní ìgbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, omi rẹ̀ a tutù dáadáa; ní ìgbà òjò ní Èkó, tí afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, omi ara ìkòkò kì í gbẹ tó bẹ́ẹ̀, òtútù náà a sì dín kù. Yàtọ̀ sí èyí, omi tí ó bá ti gbẹ ti lọ nìyẹn, àfi kí a pọn òmíràn sí i. Fíríìjì ń lo ọgbọ́n kan náà, ṣùgbọ́n ó sé ohun tí ń gbẹ náà mọ́ inú páìpù, ó ń mú un padà di olómi, ó sì ń lò ó léraléra fún ọdún púpọ̀.

Bí gáàsì ṣe ń yí po

Ohun tí ó ń yí po nínú páìpù fíríìjì ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní gáàsì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé olómi ni ní apá kan ìrìn rẹ̀. Ìdí tí a fi yàn án ni pé ó lè hó níbi tí omi yóò ti di yìnyín. Omi ń hó ní digíríì 100 ní ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. R134a, ọ̀kan nínú àwọn gáàsì tí ó wọ́pọ̀ nínú fíríìjì ilé, ń hó ní nǹkan bí digíríì 26 nísàlẹ̀ òdo, bí ìfúnpá tí ó wà lórí rẹ̀ bá jẹ́ ti afẹ́fẹ́ tí a ń mí.

Ìfúnpá yìí ni kókó ọ̀rọ̀ náà. Bí ìfúnpá orí nǹkan olómi bá pọ̀, yóò gbóná gan-an kí ó tó hó. Bí ó bá kéré, yóò hó ní tútù. Ìdí nìyí tí ẹ̀wà fi ń tètè jinná nínú ìkòkò pírẹ́ṣà: ìfúnpá inú rẹ̀ pọ̀, omi rẹ̀ sì ti kọjá digíríì 100 kí ó tó hó. Fíríìjì ń ṣe méjèèjì pọ̀. Ó ń dín ìfúnpá kù ní apá inú kí gáàsì lè hó ní tútù, ó sì ń fi kún ìfúnpá ní apá ẹ̀yìn kí gáàsì lè padà di olómi níbi tí ó gbóná. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni ó ń gbà ṣe é.

Ìgbésẹ̀ kìíní ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù inú, èyí tí ó yí àpótí ìdiyìnyín ká. Ìfúnpá ibẹ̀ kéré, nǹkan bí ìlọ́po kan àti díẹ̀ ti afẹ́fẹ́ ayé, nítorí náà gáàsì olómi ń hó níbẹ̀ ní nǹkan bí digíríì 20 nísàlẹ̀ òdo. Ohunkóhun tí ó wà nítòsí rẹ̀ gbóná jù ú lọ, títí kan yìnyín pàápàá. Ooru a ṣàn láti ara oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ inú àpótí wọ inú páìpù náà, gáàsì a sì fi ooru yìí hó, gẹ́gẹ́ bí omi ara àmù ti ń fi ooru ìkòkò gbẹ.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ti kọ̀ńpírẹ́sọ̀, ìkòkò irin dúdú tí ó wà nísàlẹ̀ ẹ̀yìn fíríìjì. Ó ń fa gáàsì tí ó ti hó tán náà, ó sì ń fún un pọ̀ títí ìfúnpá rẹ̀ yóò fi tó nǹkan bí ìlọ́po 11 ti afẹ́fẹ́ ayé. Gáàsì tí a fún pọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń gbóná, gẹ́gẹ́ bí ẹnu pọ́ńpù kẹ̀kẹ́ ti ń gbóná nígbà tí a bá ń fẹ́ táyà. Ibí yìí nìkan ni ìyípo náà ti ń gba agbára láti inú iná mànàmáná.

Ìgbésẹ̀ kẹta ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù ẹ̀yìn, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní kọ̀ńdẹ́ńsà. Nínú àwọn fíríìjì kan ó hàn síta bí wáyà dúdú tí a tò lẹ́yìn; nínú òmíràn ó farapamọ́ sábẹ́ páànù ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Nítorí ìfúnpá ńlá tí ó wà nínú rẹ̀, gáàsì lè padà di olómi níbẹ̀ ní nǹkan bí digíríì 45. Bí yàrá bá wà ní digíríì 32, páìpù náà gbóná ju yàrá lọ, ooru a sì ṣàn láti inú rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́ yàrá. Níbí ni ooru ọbẹ̀ ti ń kúrò nínú fíríìjì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kí a dín ìfúnpá kù padà. Gáàsì tí ó ti di olómi ń gba inú páìpù tín-ín-rín kan kọjá, èyí tí ihò inú rẹ̀ kò ju bí abẹ́rẹ́ lọ, tí ó sì lè gùn ju mítà kan lọ. Bí ó ti ń fún ara rẹ̀ kọjá níbẹ̀, ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Bí ó sì ti yọ sí páìpù inú, apá kan rẹ̀ a hó lójijì, ìyókù a sì tutù dé digíríì 20 nísàlẹ̀ òdo. Ìyípo náà tún bẹ̀rẹ̀.

Bí omi kì í tií gun òkè fúnra rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ooru kì í kúrò níbi tútù lọ síbi gbígbóná fúnra rẹ̀. Fíríìjì dà bí pọ́ńpù tí ń fa omi láti inú kànga. Omi ti wà nísàlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí a ń san owó iná fún ni gbígbé e gòkè.

Ìṣirò kan: àpò píọ̀ wọ́tà kan ní yàrá kan ní Agége

A lè wo iye ooru tí ó ń jáde nípa ohun tí ó wọ́pọ̀ ní Agége: odindi àpò píọ̀ wọ́tà kan. Ọ̀rá 20 ni ó wà nínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ìdajì lítà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ lítà 10, tí ìwúwo rẹ̀ jẹ́ kílógíráàmù 10. Ká ní omi náà wà ní digíríì 30 nígbà tí a kó o sínú fíríìjì, a sì fẹ́ kí ó dé digíríì 5.

Kílógíráàmù omi kan ń fi nǹkan bí kílójúùlù 4.2 sílẹ̀ fún digíríì kọ̀ọ̀kan tí ó bá fi tutù. Digíríì 25 ni omi yìí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bí a bá sọ 10 di ìlọ́po 4.2, tí a sì tún sọ ìyẹn di ìlọ́po 25, yóò fún wa ní kílójúùlù 1,050. Gbogbo ooru yìí ni a gbọ́dọ̀ kó jáde.

Ká ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ fíríìjì náà ń lo wáàtì 100, ìyẹn júùlù 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, tí ó sì ń fi í kó júùlù 150 jáde láti inú àpótí. Èyí kò lòdì sí òfin ẹ̀dá, nítorí pé kò dá ooru 150 náà sílẹ̀. Ó kàn gbé e kúrò ni. Bí a bá pín 1,050,000 sí ọ̀nà 150, a ó rí ìṣẹ́jú-àáyá 7,000, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí méjì. Ní ti gidi, yóò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ooru ń wọlé láti ara ògiri àti ẹnu ilẹ̀kùn, oúnjẹ mìíràn sì wà nínú fíríìjì tí ó ń retí kí a kó ooru tirẹ̀ náà.

Ooru tí ó ń jáde lẹ́yìn kì í ṣe 150 nìkan. Júùlù 100 tí a gbà láti inú iná mànàmáná pẹ̀lú di ooru, nítorí náà júùlù 250 ni yàrá ń gbà ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí ni ó jẹ́ kí ó jẹ́ àṣìṣe láti ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì sílẹ̀ kí yàrá lè tutù. Iwájú ń gba júùlù 150 nínú yàrá, ẹ̀yìn ń dá 250 padà sínú yàrá kan náà. Yàrá yóò gbóná sí i ni.

Bí ooru àyíká ṣe kàn án

Ní Ìkẹjà, ooru ọ̀sán máa ń tó nǹkan bí digíríì 33 ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ó sì máa ń lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 28 tàbí 29 ní oṣù kẹjọ. Yàrá tí kò ní fèrèsé púpọ̀ lè gbóná ju ìta lọ. Páìpù ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa gbóná ju yàrá lọ nígbà gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ooru kò ní jáde. Nítorí náà, bí yàrá bá ti ń gbóná sí i, bẹ́ẹ̀ ni ìfúnpá ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ máa lọ sókè.

Ibi tí a gbé fíríìjì sí lè fi kún ìṣòro yìí. Bí a bá tì í mọ́ ògiri, tàbí bí erùpẹ̀ àti èéfín bá bo páìpù ẹ̀yìn, afẹ́fẹ́ kò ní lè gbé ooru lọ. Páìpù tí ó yẹ kí ó wà ní digíríì 45 lè gòkè dé 60. Fún R134a, èyí túmọ̀ sí pé ìfúnpá yóò kúrò ní nǹkan bí ìlọ́po 11, yóò sì di ìlọ́po 16 ti afẹ́fẹ́ ayé. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ yóò jẹ iná sí i, ooru tí ó ń kó jáde yóò sì dín kù. Ẹni tí ó ni fíríìjì yóò rí i pé omi kò tutù mọ́, yóò yí bọ́tìnì òtútù sókè, èyí kò sì ní ràn án lọ́wọ́, nítorí pé kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò sinmi rárá tẹ́lẹ̀. Ohun tí ó nílò ni kí a fa fíríìjì síwájú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, kí a yọ ọ́ kúrò nínú iná, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹ̀yìn rẹ̀.

Nígbà tí iná bá lọ

Bí iná bá lọ, gáàsì kò yí po mọ́, ṣùgbọ́n ooru kò dẹ́kun wíwọlé. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani níyànjú pé kí oúnjẹ tí ó tètè ń bàjẹ́ wà nísàlẹ̀ digíríì 5, nítorí pé kòkòrò àìfojúrí ń pọ̀ kíákíá láàárín digíríì 5 sí 60. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì ni iye wákàtí tí inú àpótí yóò fi wà ní tútù.

Yìnyín ni ó ń dáhùn ìbéèrè yìí. Kí kílógíráàmù yìnyín kan tó yọ́ tán, ó gbọ́dọ̀ gba kílójúùlù 334, kò sì ní kúrò ní digíríì òdo títí yóò fi yọ́ tán. Ká ní ọ̀rá píọ̀ wọ́tà mẹ́wàá ti dì gbagidi nínú àpótí òkè: kílógíráàmù 5 nìyẹn, tí ó lè gba kílójúùlù 1,670. Bí ooru tí ó ń wọ inú fíríìjì bá jẹ́ júùlù 40 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan, yìnyín náà yóò tó wákàtí mọ́kànlá ó lé díẹ̀ kí ó tó yọ́ tán. Ṣíṣí ilẹ̀kùn lemọ́lemọ́ yóò gé wákàtí wọ̀nyí kúrú. Nínú fíríìjì onílẹ̀kùn kan, afẹ́fẹ́ tútù ń sọ̀ kalẹ̀ láti ara yìnyín òkè bá oúnjẹ ìsàlẹ̀. Nínú èyí tí fáànù ń fẹ́ òtútù kiri, fáànù náà kú pẹ̀lú iná, nítorí náà ó yẹ kí a kó lára yìnyín náà lọ sí àárín oúnjẹ.

Nígbà tí iná bá dé, ewu mìíràn wà. Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ìfúnpá ẹ̀yìn ṣì ga púpọ̀ ju ti inú lọ, mọ́tò rẹ̀ kò sì ní agbára láti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ ẹrù bẹ́ẹ̀. Ó nílò ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kí gáàsì lè gba inú páìpù tín-ín-rín kọjá, kí ìfúnpá méjèèjì sì dọ́gba. Bí iná bá lọ tí ó sì dé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí bí iná bá wálẹ̀ jù, mọ́tò yóò kùn láìyí, yóò gbóná, ohun tí ń dáàbò bò ó yóò sì já a kúrò nínú iná pẹ̀lú ìró kékeré kan, “kọ́”. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra, wáyà inú mọ́tò lè jó. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ sítẹbiláísà fi máa ń dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n tó fún fíríìjì ní iná.

Àìṣedéédéé àti bí a ṣe ń dá a mọ̀

Fíríìjì tí kò mú nǹkan tutù kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra wọn ní ojú ẹni tí ó ń lò ó, ṣùgbọ́n bí a bá fi ọwọ́ kàn án tí a sì fetí sí i, a lè mọ ibi tí ìyípo náà ti dá dúró.

Bí ẹ̀yìn bá gbóná rékọjá ààlà tí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò sì sinmi, ooru ni kò rí ọ̀nà jáde. Ìdọ̀tí tàbí ògiri ni ó sábà máa ń fà á.

Bí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kò bá sinmi ṣùgbọ́n tí ẹ̀yìn fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbóná, tí yìnyín sì bo ìbẹ̀rẹ̀ páìpù inú nìkan tí ìyókù gbẹ, ó ṣeé ṣe kí gáàsì ti jò. Gáàsì tí ó ṣẹ́kù ti hó tán kí ó tó yí gbogbo àpótí ká. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń fa jíjò ni ọ̀bẹ tí a fi ń ha yìnyín kúrò, nítorí pé páìpù inú sábà máa ń jẹ́ alumíníọ́ọ̀mù tín-ín-rín. Gáàsì kì í tán bí epo mọ́tò. Páìpù tí kò jò kò nílò gáàsì títun. Nítorí náà, oníṣẹ́ tí ó bá rọ gáàsì sí i láìwá ojú ihò náà kò tíì tún fíríìjì ṣe, ìṣòro náà yóò sì padà wá.

Bí yìnyín bá nípọn kíákíá nínú àpótí, kí a yẹ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn wò. A lè ti ilẹ̀kùn mọ́ owó náírà oníwèé kan, kí a sì fà á. Bí ó bá yọ láìsí ìdíwọ́, afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin ń gba ibẹ̀ wọlé. Yìnyín tí ó nípọn náà tún di aṣọ fún páìpù inú, kì í jẹ́ kí ooru oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ gáàsì.

Àwọn gáàsì tí a ti lò

Jacob Perkins gba ìwé-ẹ̀rí ẹ̀rọ irú èyí ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1834. Láti àwọn ọdún 1930 ni R12 ti gba inú fíríìjì ilé, nítorí pé kì í jóná, kì í sì í pa ènìyàn lára bí amóníà. Lẹ́yìn náà ni àwọn onímọ̀ rí i pé ó ń ba ìpele ósóònù jẹ́ lójú sánmà. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987 ni ó dẹ́kun rẹ̀. Nàìjíríà fọwọ́ sí i ní ọdún 1988. R134a rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà ń fi kún gbígbóná ayé, nítorí náà ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun ń lo R600a. Ìwọ̀nba gíráàmù mélòó kan ni ó máa ń wà nínú fíríìjì ilé, kì í tó ọgọ́rùn-ún ní ọ̀pọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n ó ń jóná bí gáàsì ìdáná. A kò gbọdọ̀ fi iná jó páìpù rẹ̀ láìkọ́kọ́ tú gáàsì náà jáde níta gbangba, a kò sì gbọdọ̀ fi R134a dípò rẹ̀, nítorí pé ìfúnpá méjèèjì kò dọ́gba. Orúkọ gáàsì tí ó yẹ wà lára ìwé tí a lẹ̀ mọ́ kọ̀ńpírẹ́sọ̀.

Ìjọba Nàìjíríà ka fíríìjì àti kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ mọ́ àwọn ọjà tí a kò gbọdọ̀ kó wọ orílẹ̀-èdè náà. Amóníà kò sì parẹ́: ilé-iṣẹ́ ọtí àti ilé ìpamọ́ ẹja ńláńlá káàkiri àgbáyé ṣì ń lò ó. Ìwọ̀n ẹ̀rọ wọn tóbi ju ti yàrá kan ní Agége lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po, ṣùgbọ́n ìgbésẹ̀ mẹ́rin kan náà ni ó wà níbẹ̀: híhó, fífúnpọ̀, pípadà di olómi, àti dídín ìfúnpá kù.